Lẹ́tà ìkíni káàbọ̀: bí ohùn ti hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ṣe yàtọ̀ sí ti gẹ́sì háòsì kékeré, àti bí ẹ ṣe máa kọ méjèèjì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní gẹ́sì háòsì ni wọ́n máa ń wá lẹ́tà hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ orúkọ tibẹ̀ kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, ó parí. Àlejò á wá kà á pé gbogbo ohun tí òun bá fẹ́, nígbàkígbà, ẹ ti ṣetán láti ṣe é, á pe nọ́ńbà ní agogo 2 òru pé òun fẹ́ omi gbóná, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù, torí Bàbá géètì nìkan ló wà nílẹ̀ lóru, fóònù ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Omi gbóná yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá tẹ́lẹ̀ o. Ká ní lẹ́tà ti sọ fún un pé hítà wà ní bálùwẹ̀, kó tan án, kó dúró díẹ̀, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Mo ti wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi kan rí tó jẹ́ pé ìlà kejì nínú lẹ́tà káàbọ̀ wọn ni pé iléeṣẹ́ ò ní dáhùn fún ẹrù tó bá sọnù, ìlà kẹta ni iye tí èèyàn máa san tí táwẹ̀lì bá di àwátì. Ẹni tó san irú owó yẹn ò tíì jókòó, ẹ ti ń wò ó bí olè.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni pé ìyàtọ̀ ohùn lẹ́tà méjèèjì ò sí nínú ọ̀rọ̀ tó dùn jù tàbí ọ̀rọ̀ tó le jù, ó wà nínú ta ló máa ṣe iṣẹ́. Ní hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, ohun tí àlejò sanwó fún ni pé kó má ronú nípa ohunkóhun, torí náà lẹ́tà á gba ẹrù lórí rẹ̀. Ní gẹ́sì háòsì, àlejò fúnra ẹ̀ ló máa tan hítà, tó máa ṣí géètì, tó máa mọ ìgbà tí iná máa lọ, torí náà lẹ́tà á fún un ní ìmọ̀ tó máa fi ṣe é láìsí pé ó ń dààmú. Ọ̀wọ̀ tẹ́ ẹ máa bù fún un ò dín kù níbì kankan.

Ká mú àlejò kan náà fi ṣe àpẹẹrẹ, kó lè yé wa. Olóyè Lágbájá àti ìyàwó wọn ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Ìbàdàn ní Sátidé. Wọ́n á sùn ní Èkó fún alẹ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìkòyí tó kọjú sí ọ̀sà, lẹ́yìn náà wọ́n á sùn ní gẹ́sì háòsì oníyàrá mẹ́fà kan ní Bódìjà, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé àwọn ẹbí. Èèyàn kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, lẹ́tà méjì.

Ẹ kọ́kọ́ kọ òótọ́ ilé yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà

Ẹ mú bébà, ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Ta ló wà lójúfò ní agogo 2 òru? Tí àlejò bá fẹ́ nǹkan, ta ló máa ṣe é, ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà? Kí ló máa ń ṣíwọ́ nínú ilé yín, iná ni àbí omi àbí wáìfáì, aago mélòó ló sì máa ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ o. Mú ti iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti sọ owó iná àwọn tó wà ní Báńdì Éè di ọ̀wọ́n, ohun tí àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná sọ ni pé àdúgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́. Àwọn onígẹ́sì háòsì kan rí ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé “iná wákàtí 24”. Wákàtí 20 kì í ṣe 24, wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn sì lè bọ́ sí òru gan-an tí ooru mú. Ẹ ṣọ́ iná ilé yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ aago tó lọ àti aago tó dé, ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ kọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá náà á ṣe ìwé yìí, àmọ́ ohun tó máa fi ṣe yàtọ̀. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ tó lè da àlejò láàmú, ẹ máa tún un ṣe kí àlejò tó dé, kò ní wọ inú lẹ́tà rárá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń yí jẹnẹrétọ̀ ní Ìkòyí.

Orúkọ àti ìkíni

Ibí ni lẹ́tà ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ wo orúkọ tí àlejò fúnra ẹ̀ kọ nígbà tó gba yàrá sílẹ̀, oyè tó bá fi síwájú orúkọ ni kẹ́ ẹ fi sí i. Tó bá kọ Dókítà, ẹ má sọ ọ́ di Ọ̀gbẹ́ni, tó bá jẹ́ Alhaja ẹ má kọ Ìyáàfin. Tí lẹ́tà bá wá láti inú kọ̀ǹpútà, kí ẹnìkan fi ojú ara rẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ kó tó wọ yàrá, torí mo ti rí èyí tí kọ̀ǹpútà fi orúkọ iléeṣẹ́ tó sanwó síbi orúkọ àlejò.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá: “Olóyè àti Ìyáàfin Lágbájá”, ẹ fi gègé kọ ọ́ lọ́wọ́, ó tán. Ẹ káàbọ̀ sí Èkó, láìsí àmì ìyanu mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Iléeṣẹ́ Ritz-Carlton ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn: kí wọ́n kí àlejò tọkàntọkàn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí wọ́n ti ronú ohun tó máa nílò kó tó béèrè, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ kí i pé ó dìgbóṣe. Lẹ́tà káàbọ̀ tó dáa ní irú ilé bẹ́ẹ̀, méjì àkọ́kọ́ yẹn ló ń ṣe, kò gbọ́dọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má kì í ní oríkì, ẹ má sọ pé òun ni ọba gbogbo àlejò, olówó mọ ìpọ́nni nígbà tó bá rí i.

Ní gẹ́sì háòsì, ẹ lè kí i bí ẹni tó wọlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀: “Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ayẹyẹ ló gbé e wá, “ẹ kú ìnáwó” wà ńbẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn ló kọ lẹ́tà. Àmọ́ ọ̀yàyà ò sọ pé kẹ́ ẹ máa pe àlejò ní “o” o. Kódà kó jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, “ẹ” ni, torí ẹ ò tíì mọra, bébà ò sì lè rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi tún un ṣe.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe yín

Èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá gbé lẹ́tà fún mi. Lẹ́tà hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, “a ti” ló yẹ kó pọ̀ nínú ẹ̀: a ti ṣe é, a ti sọ fún wọn, a ti gbé e síbẹ̀. Iṣẹ́ ti parí kí àlejò tó wọlé. Tí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù fún àlejò láti ṣe, kó jẹ́ ẹyọ kan péré, bíi kó tẹ 0 lórí fóònù.

Lẹ́tà gẹ́sì háòsì, “máa ń” àti “ẹ bá wa” ló máa pọ̀ níbẹ̀. Iná máa ń lọ ní aago báyìí, ẹ bá wa pa ẹ́síì. Tí “a ti” bá pọ̀ nínú lẹ́tà gẹ́sì háòsì, ẹ ti ń ṣèlérí ohun tẹ́ ò ní. Tí “ẹ bá wa” bá pọ̀ nínú lẹ́tà hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, ẹ ti ń rán ẹni tó sanwó níṣẹ́.

Lẹ́tà ti Ìkòyí

Ẹ kà á bó ṣe rí:

“Olóyè àti Ìyáàfin Lágbájá,

Ẹ káàbọ̀ sí Èkó. Inú wa dùn pé ọ̀dọ̀ wa lẹ kọ́kọ́ yà sí.

A ti fi yín sí yàrá tó kọjú sí ọ̀sà, níbi tí ariwo títì kì í dé, torí a mọ̀ pé òru lẹ wọlé. A ti sọ fún àwọn tó ń tọ́jú yàrá pé kí wọ́n má kan ilẹ̀kùn títí ẹ ó fi pè wọ́n. Oúnjẹ àárọ̀ wà nílẹ̀ di agogo 11. Bó bá wù yín kó wá bá yín ní yàrá, ẹ tẹ 0 lórí fóònù.

Ẹ sọ fún wa pé Ìbàdàn lẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ì báà jẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ojú irin, a ó bá yín ṣètò rẹ̀ ní aago tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Àwọn aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ níbi ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ ká bá yín lọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ.

Kí oorun yín dùn o.”

Lẹ́yìn náà ni orúkọ mánẹ́jà àgbà àti ìfọwọ́sí rẹ̀, kó fi gègé aláwọ̀ búlúù fọwọ́ sí i, torí dúdú máa ń dà bí ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Ó kúrú, ìdajì bébà ni. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ bíi “adùn àrà ọ̀tọ̀” tàbí “hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa jù ní Nàìjíríà” níbẹ̀. Àlejò ti wà nínú yàrá, ó ti ń wo bẹ́ẹ̀dì, ọjà ò sí láti polówó mọ́. Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dà bíi ti ibi olówó ńlá ni pé gbolohun kọ̀ọ̀kan wà fún àwọn méjì yìí nìkan, ẹ ò lè gbé e sí yàrá tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún wò ó pé kò sí owó kankan níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ owó orí, rìsíìtì nibi tí ìyẹn ń gbé. Kò sí wáìfáì pàápàá, torí ẹni tó mú wọn wá sí yàrá ti bá wọn so fóònù wọn mọ́ ọn.

Ààlà wà o. Ohun tí àlejò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín, tàbí tó kọ nígbà tó gba yàrá, òun nìkan lẹ lè fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan lè lọ wo Fésíbúùkù àlejò, kó rí i pé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó wá kọ “ẹ kú ará fẹ́ra kù” sínú lẹ́tà. Ọkàn rere ló fi ṣe é, àmọ́ ẹ̀rù máa ba àlejò ni, torí kò sọ fún yín.

Lẹ́tà ti Bódìjà

Èyí gùn jù, ó sì yẹ kó gùn jù. Ọ̀nà méjì ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn: apá kan lórí wọ́sáàpù lọ́jọ́ tó ṣáájú, apá kejì lórí tábìlì nínú yàrá. Ti wọ́sáàpù jẹ́ ti ọ̀nà:

“Ẹ káàbọ̀ o, Olóyè àti Mọ́mì Lágbájá! Ọ̀la la máa rí ara wa. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ bá wá, Mọ́níyà lẹ máa sọ̀. Ẹ wọ míkírà láti ibẹ̀ lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ wọ òmíràn wá sí Bódìjà, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ká fi ẹnìkan ránṣẹ́ wá gbé yín ní Mọ́níyà, ẹ sọ fún wa lálẹ́ òní, owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa san. Tẹ́ ẹ bá máa pẹ́ ju agogo 10 alẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè wá ká lè dúró dè yín.”

Ti inú yàrá nìyí:

“Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú ìnáwó! Ilé wa ò tóbi, yàrá mẹ́fà ni, àmọ́ ó mọ́, ó sì dákẹ́.

Iná: tí NẸ́PÀ ò bá mú iná wá, jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ láti agogo 7 alẹ́ sí 12 òru. Lẹ́yìn ìyẹn, ínfátà ló ń gbé fáànù àti gílóòbù di àárọ̀, kò lè gbé ẹ́síì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ aṣọ ìgbéyàwó kí agogo 12 tó lù, torí ínfátà ò lè gbé áyọ̀ọ̀nù náà.

Omi gbóná: bọ́tìnì pupa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ni ti hítà. Ẹ tan án, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ bá wa pa á kẹ́ ẹ tó wẹ̀.

Géètì: a máa ń tì í ní agogo 11 alẹ́ torí ààbò gbogbo wa. A mọ̀ pé òde lè pẹ́ ní Sátidé, ẹ kàn sọ fún Bàbá géètì kẹ́ ẹ tó jáde, wọ́n máa dúró dè yín.

Oúnjẹ: àkàrà àti ògì wà láàárọ̀ láti agogo 7 sí 9. ₦2,500 ni fún ẹnìkan, kò sí nínú owó yàrá.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ pè, nọ́ńbà mi wà nísàlẹ̀. Lóru, ẹ kan fèrèsé Bàbá géètì, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé.

Èmi ni Ìyá Ìbejì, onílé.”

Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé ibi tí ilé yẹn kù sí lẹ́tà fẹnu ara rẹ̀ sọ, láìbẹ̀bẹ̀. “Kò lè gbé ẹ́síì” parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ “a tọrọ àforíjì fún ohunkóhun tó bá lè ṣe ìdíwọ́” lẹ kọ, àlejò á máa wá ohun tó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì dákẹ́ lórí ẹ̀, á mọ̀ ọ́n ní agogo 12 ààbọ̀ nígbà tí òógùn bá bo ara rẹ̀, ìyẹn ló máa kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Òru kan náà ni, ooru kan náà ni, ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ á ti ṣí fèrèsé, á ti fà nẹ́ẹ̀tì bo bẹ́ẹ̀dì, á sì sùn.

Ọ̀rọ̀ áyọ̀ọ̀nù yẹn nìkan lẹ fi mọ̀ pé lẹ́tà olówó pọ́ọ́kú náà lè jẹ́ ti àlejò kan pàtó. Ní Ìkòyí, hòtẹ́ẹ̀lì ní òun á bá wọn lọ aṣọ. Ní Bódìjà, Ìyá Ìbejì sọ aago tí wọ́n lè lọ̀ ọ́ fún wọn. Ìtọ́jú ni méjèèjì.

Òfin ilé

Ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, òfin ò wọ lẹ́tà, ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ló ń gbé. Tí ọ̀kan bá wá pọn dandan, ẹ yí i padà sí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún un. Dípò “a ò gba sìgá mímu”, ẹ kọ pé ààyè wà fún sìgá nínú ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ẹnìkan á mú wọn débẹ̀.

Ní gẹ́sì háòsì, òfin lè wọ lẹ́tà, kó má ju mẹ́ta lọ, kí ìdí sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbolohun kan náà. “Ẹ bá wa pa ẹ́síì kẹ́ ẹ tó jáde, kí dísẹ̀lì lè dé agogo 12” yé gbogbo èèyàn, àlejò á rí èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá to “ẹ má ṣe” mẹ́fà léra wọn pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà àti “ÌKÌLỌ̀” lókè, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ló dà yẹn. Tí òfin bá ju mẹ́ta lọ, ẹ lẹ èyí tó kù mọ́ ibi tí wọ́n ti máa nílò ẹ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti kíṣíìnì sí kíṣíìnì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́

Ti gẹ́sì háòsì rọrùn. Ẹ máa kọ gbogbo ìbéèrè tí àlejò bá pè yín lé lórí sílẹ̀ fún oṣù kan. Èyí tó bá wáyé ju ìgbà méjì lọ, lẹ́tà yín ò sọ ọ́, tàbí ó sọ ọ́ níbi tójú ò dé, ẹ gbé e sókè. Tí wọ́n bá ń pè lórí wáìfáì lójoojúmọ́, ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù náà gàdàgbà sókè lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì yọ àwọn àmì tó ṣòro rí lórí fóònù èèyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ti hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ò ṣeé kà báyẹn, torí àlejò wọn kì í ráhùn lórí lẹ́tà, ó kàn máa pa á tì. Ẹ ní káwọn tó ń tọ́jú yàrá sọ fún yín ibi tí wọ́n bá lẹ́tà. Tó bá wà nínú àpò rẹ̀ láìṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ṣe rí níta ló ti dà bí ìpolówó ọjà. Ìdánwò mìíràn ni kẹ́ ẹ bo orúkọ àlejò mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá yàrá kejì lè gba lẹ́tà kan náà. Tó bá lè gbà á, ẹ tún un kọ.

Àwọn ilé tó wà láàárín ńkọ́, oníyàrá ogún tó ní rìsẹ́púṣọ̀n títí di agogo 10 alẹ́? Ẹ kọ ọ́ bíi ti Ìkòyí fún wákàtí tí èèyàn yín wà lójúfò, ẹ kọ ọ́ bíi ti Bódìjà fún òru.

Àti ohun kan tó jẹ́ ti ilé méjèèjì: ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ má gbé lẹ́tà tẹ́ ẹ ti tẹ̀ sílẹ̀ wọ yàrá bẹ́ẹ̀. Tí lífítì ò bá ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí, mánẹ́jà á fi gègé kún un nísàlẹ̀ pé a ti gbé yín wá sí àjà kìíní nítorí ẹ̀, ẹrù yín sì ti wà lókè. Tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá jó ní Bódìjà, Ìyá Ìbejì á kọ pé omi garawa mẹ́rin wà ní bálùwẹ̀ yín, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀ ní agogo 8 àárọ̀. Kí wọ́n kọ déètì sí i, kí àlejò mọ̀ pé òní ni wọ́n kọ ọ́.